Ìwọ̀n Ìyípadà Fọ́ńṣọ̀n Ìdápadà

Fọ́ńṣọ̀n ìdápadà ni èyí tó ń gba èsì fọ́ńṣọ̀n kan, tó sì ń dá a padà sí nọ́ńbà tó mú èsì náà wá. Bí mọ́tò bá ń sá 60 kìlómítà ní wákàtí kan láti Ìlọrin lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, 1/60 wákàtí, ìyẹn ìṣẹ́jú kan, ni kìlómítà kọ̀ọ̀kan ń gbà á. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni òfin náà rí. Bí f(a) = b, tí f′(a) kì í sì í ṣe òdo:

(f⁻¹)′(b) = 1/f′(a)

Ohun tó dára níbẹ̀ ni pé a kò ní láti kọ f⁻¹ sílẹ̀ rárá. Ẹ wo f(x) = x³ + 2x. Kíkọ ìdápadà rẹ̀ sílẹ̀ le, ṣùgbọ́n ó ní ọ̀kan, nítorí pé f′(x) = 3x² + 2 kì í lọ sílẹ̀ ju 2 lọ; f ń gòkè ṣáá ni. Ká wá (f⁻¹)′(12). A kọ́kọ́ wá x tó ń mú 12 jáde: 2 ni, torí pé 8 + 4 = 12. f′(2) sì jẹ́ 14, nítorí náà ìdáhùn ni 1/14, nǹkan bíi 0.0714. Ká yẹ̀ ẹ́ wò: f(2.01) jẹ́ nǹkan bíi 12.1406. Bí a bá pín 0.01 sí ọ̀nà 0.1406, a ó rí nǹkan bíi 0.0711, tó sún mọ́ ọn dáadáa.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí akẹ́kọ̀ọ́ fi 12 sínú f′ dípò 2, kó sì gba 1/434. Àyẹ̀wò òkè yìí yóò tú u fó lójú ẹsẹ̀. Níbi tí f′(a) bá sì ti jẹ́ òdo, bíi x³ ní 0, ìlà ìdápadà dúró ṣánṣán, kò sì ní ìwọ̀n ìyípadà níbẹ̀.