Àbíkú: Ẹ̀bẹ̀ ni, kì í ṣe ìbínú

Àbíkú ni ọmọ tí a bí tí ó kú, tí ìyá kan náà sì tún bí. J. P. Clark, ọmọ Ìjọ̀, fi ọ̀rọ̀ Yorùbá yìí ṣe àkọlé ewì Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ Òsì tàbí Ìlọ́fà tó bá mọ orúkọ bíi Málọmọ́ àti Dúrójayé ti mọ ohùn ewì náà: ẹ̀bẹ̀ ni.

Ẹnìkan lè sọ pé ìbínú ni, nítorí ìlà ìbẹ̀rẹ̀ ní kí ọmọ náà dúró sórí igi osè tí kò bá fẹ́ wọlé. Òótọ́ ni, àmọ́ ẹ ka ìlà tó tẹ̀ lé e. Òrùlé ń jò, àdán àti òwìwí ń da ilé láàmú. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ ti dàgbà nínú ilé náà. Lẹ́yìn èyí ni àpá ọ̀bẹ tí wọ́n fi dá ọmọ náà mọ̀ yọ. Níparí, àárẹ̀ ìyá ló kù, wọ́n sì ní kí ọmọ wọlé, kó dúró.

Bí ìdánwò bá ní kí ẹ fi wé "Abiku" Ṣóyínká, ẹ kọ́kọ́ sọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀: àwọn ará ilé ló ń bẹ̀ níhìn-ín, lọ́hùn-ún, àbíkú fúnra rẹ̀ ló ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́.