Gbèsè Tó Ń Ti Ọwọ́ Bọ́ Sí Ọwọ́: Ìtàn Ìwé Ìlérí Owó àti Ìwé Àṣẹ Ìsanwó

Láyé àwọn òṣómàáló, oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà á di aṣọ lérù, á gbé e dé abúlé, á tà á láwìn. Bí ọjọ́ tí wọ́n dá bá pé, òun fúnra rẹ̀ náà ni yóò padà wá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó yóò fi jáde. Kò sí ẹlòmíràn tó lè bá a gbà á. Bí òun náà bá jẹ ilé iṣẹ́ aláṣọ ní Òṣogbo, kò lè sọ fún wọn pé, “Ẹ gba gbèsè tí àgbẹ̀ kan jẹ mí, kí n fi san tiyín.” Ọwọ́ ẹni tó yáni lówó ni gbèsè máa ń wà. Ibi tó bá kú sí, àríyànjiyàn ló kù.

Ìwé méjì ló yí èyí padà. Àkọ́kọ́ ni ìwé ìlérí owó: ẹni tó jẹ gbèsè kọ ọ́ fúnra rẹ̀ pé òun yóò san iye báyìí fún lágbájá, lọ́jọ́ báyìí. Ènìyàn méjì ló wà níbẹ̀. Ìkejì ni ìwé àṣẹ ìsanwó, tí ènìyàn mẹ́ta ń bẹ nínú rẹ̀: ẹnì kan kọ ọ́, ó fi pàṣẹ fún ẹnì kejì pé kó san owó fún ẹnì kẹta. Sọ̀wédowó tí gbogbo wa mọ̀ wà lára irú kejì yìí. Báǹkì ni ẹni tí wọ́n pàṣẹ fún, ìgbàkígbà tí wọ́n bá sì gbé e dé ni owó rẹ̀ pé.

Ní Èkó ayé àtijọ́, ọ̀kẹ́ owó ẹyọ kan, tí í ṣe 20,000 ẹyọ, ti tó ẹrù alágbára kan. Kò sẹ́ni tó lè fi irú owó bẹ́ẹ̀ ra ọjà ní Lọ́ńdọ̀nù. Oníṣòwò tó ti fi epo pupa ránṣẹ́ sókè òkun lè kọ̀wé sí ẹni tó bá a tà á pé kó san owó fún ẹni tí òun fẹ́ rajà lọ́wọ́ rẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n kọ ìwé sí kì í ṣe onígbèsè lórí ìwé náà àfi tó bá fọwọ́ sí i pé òun gbà. Ọdún 1892 ni báǹkì àkọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn ní Èkó. Òfin tí Gẹ̀ẹ́sì ṣe lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 1882 ni ìjọba amúnisìn gbé wọ Nàìjíríà ní 1917, òun náà ló wà nínú ìwé òfin wa títí dòní, pẹ̀lú àyípadà díẹ̀.

Òfin yẹn le lórí ohun tí a kọ. “Mo jẹ Làmídì ní ₦900,000” kì í ṣe ìwé ìlérí owó. Ẹ̀rí gbèsè lásán ni, nítorí kò sí ìlérí nínú rẹ̀. “Màá san án bí kòkó mi bá ṣe dáadáa” náà kò wọlé, torí ó ní àfi-bí nínú. Iye owó gbọ́dọ̀ dájú, ọjọ́ tó máa pé gbọ́dọ̀ ṣeé mọ̀, ẹni tó ṣèlérí sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i.

Ẹ jẹ́ ká wò ó bí yóò ṣe rí ní Ilé-Ogbó. Ká ní Bàsírù ra kòkó lọ́wọ́ Làmídì, kò sì ní owó lọ́wọ́. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹta, ó kọ ọ́ pé: “Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta sí òní, mo ṣèlérí láti san ₦900,000 fún Làmídì tàbí ẹni tó bá pàṣẹ pé kí n san án fún,” ó sì fọwọ́ sí i. Owó pé ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà, ṣùgbọ́n òfin wa ṣì ń fún onígbèsè ní ọjọ́ mẹ́ta àánú, nítorí náà ọjọ́ 7 ni ó di dandan. (Gẹ̀ẹ́sì tó fún wa ní àánú yìí ti mú tirẹ̀ kúrò ní 1971.)

Làmídì kò lè dúró. Ó nílò ajílẹ̀ àti oògùn kòkó lọ́dọ̀ Ràmọ́tù ní Ìwó. Ó yí ìwé náà padà, ó kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀ pé, “Ẹ san án fún Ràmọ́tù,” ó fọwọ́ sí i, ó sì gbé e lé e lọ́wọ́. Ràmọ́tù kó ọjà tó tó ₦850,000 fún un. ₦50,000 tó kù ni èrè ìdúró rẹ̀. Ìfọwọ́sí ẹ̀yìn ìwé ni èyí, òun ló mú kí gbèsè náà kúrò lọ́wọ́ Làmídì.

Ọjọ́ pé, Bàsírù ní òun kò san, pé kòkó náà tutù, òkúta sì wà nínú àpò. Bí Làmídì ló wá gbowó, ọ̀rọ̀ yìí lè ràn án lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n Ràmọ́tù ló wà níwájú rẹ̀, òun kò sì mọ nǹkan kan nípa kòkó. Ó gba ìwé tó pé, tí kò ní àbàwọ́n lójú, kí ọjọ́ rẹ̀ tó kọjá. Ó fi ọjà gidi gbà á. Ọkàn rẹ̀ mọ́, kò sì gbọ́ pé ìjà wà lórí rẹ̀. Ẹni bẹ́ẹ̀ ni òfin ń pè ní adìwémú lọ́nà ẹ̀tọ́. Bàsírù yóò san án, kó tó lọ bá Làmídì jà nípa òkúta. Bí Ràmọ́tù bá ti gbọ́ lọ́jà kó tó gbà á pé àwọn méjèèjì ń jà lórí kòkó náà, ààbò yẹn kò sí fún un mọ́.

Ó lè dà bí ìwà ìkà sí Bàsírù. Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ ní ilé ẹjọ́. Ní 1781, Adájọ́ Mansfield dá ẹjọ́ Peacock àti Rhodes. Wọ́n jí ìwé àṣẹ ìsanwó kan, tí ẹni tó ni ín ti fọwọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀ láì kọ orúkọ ẹni tí wọ́n máa san án fún. Àjèjì kan gbé e wá sọ́dọ̀ aláṣọ kan ní Scarborough, ó fi ra aṣọ. Àwọn tó yẹ kó san án ní aláṣọ kò gbọ́dọ̀ gba owó, torí ohun olè ni. Mansfield ní yóò gbà á, torí ó gbà á láìmọ̀, lẹ́nu òwò rẹ̀. Lójú tèmi, ìdájọ́ yẹn tọ́: bí olùtajà bá ní láti wádìí ìtàn gbogbo ìwé kó tó gbà á, kò sí ìwé tí yóò rìn.

Ẹ̀kọ́ Scarborough ni pé ìfọwọ́sí ẹ̀yìn tí kò ní orúkọ sọ ìwé di ti ẹnikẹ́ni tó bá mú un lọ́wọ́. Ẹni tó gba irú rẹ̀ lè kọ orúkọ ara rẹ̀ sókè ìfọwọ́sí yẹn, kó tó gbé e sápò.

Ààlà wà fún ààbò yìí. Bí olè bá ṣe ayédèrú ìfọwọ́sí ẹni tí ìwé ní kí wọ́n san owó fún, gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e já sí òfo, ọkàn mímọ́ ẹni tó gbà á kò sì mú un tọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni sọ̀wédowó tí wọ́n fa ìlà méjì sí, tí wọ́n kọ sí i pé kò ṣeé ta látaré: ẹni tó gbà á kò lè ní ẹ̀tọ́ tó ju ti ẹni tó fún un lọ.

Kí Ràmọ́tù má fọkàn balẹ̀ jù, òun náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Bí Bàsírù bá kọ̀, Làmídì tó fọwọ́ sí ẹ̀yìn ìwé ni yóò dojú kọ, ṣùgbọ́n ó ní láti tètè sọ fún un. Níwọ̀n bí ìlú wọn ti yàtọ̀, lọ́jọ́ kejì ló yẹ kí ìròyìn ti jáde. Bó bá jókòó tì í fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láìsí ìdí tó gbámúṣé, Làmídì ti bọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń fọwọ́ sí ẹ̀yìn ìwé ẹlòmíràn láti ràn án lọ́wọ́, ẹ rántí pé ìlérí tuntun lẹ ṣe yẹn: bí onígbèsè bá kùnà, ẹ̀yin lẹ máa san án. Tí ẹ kò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ kọ ọ́ sókè ìfọwọ́sí yín pé kí wọ́n má padà sọ́dọ̀ yín gba owó. Òfin fàyè gbà á.