Ìlà Méjì Lórí Fọ́tò Ẹ̀yìn: Ìtàn Igun Cobb

Tí a bá wo ẹ̀yìn èèyàn láti ẹ̀yìn, ó yẹ kí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ gùn tààrà láti ọrùn dé ìdí. Tí ó bá wá yà sí apá ọ̀tún tàbí apá òsì, tí àwọn eegun rẹ̀ sì tún lọ́ díẹ̀ bí aṣọ tí a ń fún omi rẹ̀, àwọn dókítà ń pè é ní sikoliósíìsì. Kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú iké tí gbogbo wa mọ̀. Iké máa ń yọ sẹ́yìn, èyí sì máa ń yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, débi pé èjìká kan lè ga ju èkejì lọ.

Nọ́ńbà kan ni wọ́n fi ń sọ bó ṣe le tó, igun Cobb ni wọ́n sì ń pè é. Nọ́ńbà yìí wà lára ohun tó ń pinnu bóyá ọmọ ọdún méjìlá á kàn máa padà wá fún àyẹ̀wò, bóyá á máa wọ bíréèsì líle mọ́ra lójoojúmọ́, tàbí bóyá wọ́n á ṣe iṣẹ́ abẹ sí i lẹ́yìn. Ohun tó ń pinnu irú nǹkan báyìí yẹ kí a mọ ibi tó ti wá, àti ibi tí agbára rẹ̀ mọ.

Fọ́tò wà, ìwọ̀n kò sí

Kó tó di ọdún 1895, ojú àti ọwọ́ ni dókítà fi ń wo ẹ̀yìn tó wọ́. Á ní kí aláìsàn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á fi ìka tọ ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀, tàbí kó so nǹkan wúwo mọ́ okùn kó lè fi okùn náà mọ ibi tó ti yà. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kọkànlá ọdún 1895 ni Wilhelm Röntgen ṣàwárí ìtànṣán ẹ́síréè ní Würzburg, ní ilẹ̀ Jámánì. Láti ìgbà náà ló ti ṣeé ṣe láti rí eegun láìla ara.

Ṣùgbọ́n rírí kì í ṣe wíwọ̀n. Dókítà kan lè wo fọ́tò kó ní ẹ̀yìn yìí wọ́ díẹ̀, kí èkejì wo fọ́tò kan náà kó ní ó wọ́ gan-an. Ọ̀rọ̀ yìí di ìṣòro nígbà tí wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ìtọ́jú ń ṣiṣẹ́. Ní 1941, ìgbìmọ̀ kan nínú ẹgbẹ́ àwọn dókítà eegun ní Amẹ́ríkà gbé àbọ̀ ìwádìí jáde lórí aláìsàn 425 tí wọ́n ti tọ́jú fún sikoliósíìsì. Nínú gbogbo 100, nǹkan bí 69 ni àbájáde ìtọ́jú wọn kò ju pé ó ṣe díẹ̀ tàbí pé kò dára. Ìbéèrè tó wá kù nílẹ̀ ni pé: ẹ̀yìn ta ló máa wọ́ sí i, ẹ̀yìn ta ló sì máa dúró síbi tó wà? Kò sẹ́ni tó lè dáhùn láìjẹ́ pé a wọn fọ́tò ti ọdún yìí àti ti ọdún tó ń bọ̀ lọ́nà kan náà.

Ferguson àti Cobb

Ọ̀nà méjì ló ń bára wọn díje nígbà náà. Ti Albert Ferguson, dókítà ẹ́síréè ará Amẹ́ríkà, ni àkọ́kọ́. Ó máa ń wá àárín gbùngbùn eegun mẹ́ta: eegun tó wà lókè ibi tó wọ́, eegun tó wà nísàlẹ̀, àti eegun tó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ jù láàárín. Á fa ìlà láti òkè dé àárín, á fa òmíràn láti ìsàlẹ̀ dé àárín, á sì wọn igun tó wà níbi tí wọ́n ti pàdé.

Ọ̀nà kejì ni Lippman ti ṣàlàyé ní 1935, ṣùgbọ́n John Robert Cobb ló sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Cobb kọ́kọ́ kà ní Harvard kó tó lọ kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní Yale. Láti àwọn ọdún 1930 ló ti ń tọ́jú àwọn tí ẹ̀yìn wọn wọ́ ní Niu Yọ́ọ̀kì, ní ilé ìwòsàn kan tí orúkọ rẹ̀ nígbà náà ń tọ́ka sí àwọn onípá àti àwọn arọ. Ní 1948, ó tẹ ìlànà rẹ̀ jáde nínú ìwé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn dókítà eegun. Cobb kò bìkítà nípa eegun àárín; eegun méjì tó wà ní ìpẹ̀kun nìkan ló ń wò.

Ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n ọ̀nà yìí wà. Eegun àárín ni ó máa ń lọ́ jù, òun náà ló sì máa ń tẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ kan bí ìdí àáké, nítorí náà ó ṣòro láti sọ pé ibí ni àárín rẹ̀ gan-an. Àwọn eegun ìpẹ̀kun kò lọ́ tó bẹ́ẹ̀, etí wọn sì máa ń hàn dáadáa. Nọ́ńbà Ferguson tún máa ń kéré sí ti Cobb lórí fọ́tò kan náà, nítorí náà ẹni tó bá pa méjèèjì pọ̀ á ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Nígbà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn olùwádìí sikoliósíìsì sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1966, ọ̀nà Cobb ni wọ́n mú.

Bí a ṣe ń wọ̀n ọ́n

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ ọmọbìnrin ọdún méjìlá kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ yà sápá ọ̀tún níbi àyà. Orí ìdúró ni wọ́n gbọ́dọ̀ ti ya fọ́tò náà, láìfara ti nǹkan kan. Ìwúwo ara ló ń tẹ ẹ̀yìn mọ́lẹ̀. Tí ọmọ náà bá dùbúlẹ̀, ẹ̀yìn kan náà á nà díẹ̀, igun rẹ̀ á sì dín kù ní dígírì mélòó kan. Ẹni tó bá fi fọ́tò ìdùbúlẹ̀ wé fọ́tò ìdúró lè rò pé ara ọmọ ti ń yá, nígbà tí kò sí ohun tó yí padà.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá eegun tó dagun jù lókè ibi tó wọ́ àti èyí tó dagun jù nísàlẹ̀. Àlàfo tó wà láàárín àwọn eegun máa ń tọ́ka sí wọn: nínú ibi tó wọ́, àlàfo máa ń fẹ̀ ní ìhà tí ẹ̀yìn yọ sí, ó sì máa ń há ní ìhà kejì. Tí ẹ bá ti kọjá eegun ìpẹ̀kun, èyí á yí padà. Ká sọ pé eegun àyà karùn-ún ni ti òkè, kejìlá sì ni ti ìsàlẹ̀. Ẹ fa ìlà kan gba orí eegun karùn-ún kọjá, kí ẹ fa òmíràn gba abẹ́ eegun kejìlá kọjá.

Ìlà méjèèjì á pàdé, àmọ́ ó lè jẹ́ ẹ̀yìn òde fọ́tò. Ìdí nìyẹn tí a fi máa ń fa ìlà mìíràn tó dúró ṣánṣán lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, kí wọ́n lè pàdé lórí fọ́tò. Igun kan náà ni, purotirátọ̀ inú mátísẹ́ẹ̀tì sì tó láti wọ̀n ọ́n. Tí eegun karùn-ún bá fi dígírì 15 dagun, tí kejìlá sì fi 17 dagun sí òdìkejì, igun Cobb jẹ́ 15 + 17, ìyẹn 32.

Dígírì mẹ́rin tí kò sí níbẹ̀

Wàyí o, ká ní dókítà tó kọ́kọ́ wo fọ́tò náà mú eegun kẹfà dípò karùn-ún, tí eegun kẹfà sì fi dígírì 12 péré dagun. Ohun tó máa kọ sílẹ̀ ni 29. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, dókítà mìíràn ya fọ́tò tuntun, ó mú eegun karùn-ún, ó sì rí 33. Nínú fáìlì, ẹ̀yìn ọmọ yìí ti fi dígírì 4 wọ́ sí i. Ìyá rẹ̀ á máa ronú. Ṣùgbọ́n tí ẹnì kan bá gbé fọ́tò méjèèjì síra, tó sì fi eegun karùn-ún àti kejìlá wọn àwọn méjèèjì, 32 àti 33 ló máa rí. Ọ̀rọ̀ náà kò tó nǹkan.

Ní 1990, Morrissy àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọn bí irú àṣìṣe yìí ṣe pọ̀ tó. Wọ́n fún dókítà eegun mẹ́rin ní fọ́tò 50 láti wọ̀n léraléra. Nígbà tí kálukú ń yan eegun ìpẹ̀kun fúnra rẹ̀, ìwọ̀n dókítà kan náà lórí fọ́tò kan náà lè fi nǹkan bí dígírì 4.9 yàtọ̀ síra. Nígbà tí wọ́n ti bá wọn yan eegun, ó já sí 3.8, nígbà tí gbogbo wọn tún lo purotirátọ̀ kan náà, ó já sí 2.8. Láàárín dókítà kan sí èkejì, ó tó 7.2 nígbà tí kálukú ń yan eegun tirẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ dókítà kì í gbà pé ẹ̀yìn wọ́ sí i àyàfi tí ìyàtọ̀ bá ti tó dígírì 5 tàbí 6. Ìdí náà nìyẹn tí ó fi yẹ kí wọ́n kọ orúkọ eegun méjèèjì sílẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà. Nọ́ńbà tí kò ní eegun lẹ́gbẹ̀ẹ́ kò ṣeé fi wé òmíràn.

Nọ́ńbà tó ń ya ọ̀nà

Tí igun kò bá tó 10, wọn kì í pè é ní sikoliósíìsì. Láti 10 dé nǹkan bí 25, àyẹ̀wò lóòrèkóòrè ni. Tí ó bá kọjá 25 tí ọmọ sì ń dàgbà lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ bíréèsì á wọlé. Tí ó bá ti tó 45 sí 50, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ. Ìwádìí ńlá kan tí Weinstein àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2013 fi àwọn ọmọ tí igun wọn wà láàárín 20 sí 40 wé ara wọn. Nínú àwọn tó wọ bíréèsì, ìdá 72 nínú 100 ni eegun wọn dàgbà tán láìdé 50. Nínú àwọn tí wọ́n kàn ń wò, ìdá 48 ni. Láìsí igun Cobb, kò sí bí wọn ì bá ṣe mọ èyí.

Ṣùgbọ́n wíwọ̀n náà ní owó tirẹ̀. Ní 2000, Doody àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí jáde lórí obìnrin 5,573 ní Amẹ́ríkà, tí dókítà ti rí i láàárín 1912 sí 1965, nígbà tí wọn kò tíì pé ogún ọdún, pé ẹ̀yìn wọn wọ́. Ẹ̀ẹ̀marùndínlọ́gbọ̀n ni wọ́n ya ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ẹ́síréè tí a bá pín in dọ́gba. Jẹjẹrẹ ọmú pa 77 nínú wọn, nígbà tó jẹ́ pé nǹkan bí 46 ni wọ́n retí. Nítorí èyí ni ọmọ fi máa ń kọ ẹ̀yìn sí ìtànṣán lónìí, kí ọmú rẹ̀ má bàa gba púpọ̀ nínú rẹ̀, tí wọn kì í sì í ya fọ́tò láìnídìí.

Ó tún ní ohun tí igun yìí kò lè rí láé. Ohun pẹlẹbẹ ni fọ́tò, ẹ̀yìn tó wọ́ sì tún lọ́. Ọmọ méjì lè ní dígírì 30, kí eegun ìhà ọ̀kan yọ síta gan-an tí ó bá bẹ̀rẹ̀, kí ti èkejì má fi bẹ́ẹ̀ hàn. Nítorí náà ni dókítà ṣì fi ń ní kí ọmọ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó lè wo ẹ̀yìn rẹ̀, bí wọ́n ti ń ṣe kó tó di pé Röntgen dé.