Jíńgù Rédíò: Bí Orin Ṣe Ń Yí Orúkọ Ọjà Padà

Ẹni tó ń polówó ọjà lórí rédíò kò ní àwòrán, kò ní àwọ̀, kò sì ní lẹ́tà tí èèyàn lè kà. Ohùn nìkan ló ní. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣe jíńgù, ìyẹn orin kékeré tó ń gbé orúkọ ọjà. Àmọ́ ní èdè Yorùbá, tí orin bá ń gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀, orúkọ yẹn ti di orúkọ míì nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Nígbà tí àwọn ìjọ Kírísítẹ́nì kọ́kọ́ ki ọ̀rọ̀ Yorùbá bọ inú orin àwọn Òyìnbó, orin náà lọ́ ohùn ọ̀rọ̀ púpọ̀ lọ́rùn. T. K. E. Phillips, tó ń tẹ dùùrù ní Kàtídírà Kírísítì l'Ékòó, kọ ìwé lórí bí orin àti ọ̀rọ̀ Yorùbá ṣe ń wọnú ara wọn, ìwé náà sì jáde ní 1953. Àwọn tó ń ṣe ìpolówó lónìí ṣì ń já sínú kòtò kan náà.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan. Ká ní ẹnì kan ń ta mọ́tò tòkunbọ̀ n'Ibàdàn, ó sì sọ ibẹ̀ ní "Ilé Ọkọ̀". Ohùn orúkọ yẹn ni re mí re dò. Ẹni tó ṣe orin fẹ́ kó dùn létí, ló bá gbé ìparí ẹ̀ sókè: re mí re mí. Ohun táwọn èèyàn máa gbọ́ ni "ilé ọkọ́", bíi pé oko ni wọ́n ń pè wọ́n lọ. Tó bá jẹ́ pé ó fi ìparí náà sí ọgbọọgba, re mí re re, ó di "ilé ọkọ". Ẹni tó fẹ́ ra mọ́tò ti di ìyàwó tuntun nìyẹn.

Kò pọn dandan kí orin náà jẹ́ ohùn mẹ́ta yẹn péré. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kó gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti gòkè, kó sì sọ̀ kalẹ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ ti sọ̀ kalẹ̀. Kí sísọ̀kalẹ̀ ìparí yẹn hàn gbangba, torí tó bá kéré jù, ariwo inú dánfó máa gbé e mì. Tẹ́ ẹ bá ṣì fẹ́ kí orin parí sókè, ẹ fi ọ̀rọ̀ míì tó ń gòkè kún un: "Ilé Ọkọ̀, ẹ wọlé!" "Ẹ wọlé" ń lọ báyìí: re re mí. Orin dùn, orúkọ ò sì yí padà.

Ẹ̀yìn ìyẹn ló kan ohùn ìpè fóònù, níbi tí kò ti sí ọ̀rọ̀ mọ́. Ilé iṣẹ́ rédíò NBC l'Amẹ́ríkà ní ohùn mẹ́ta péré, wọ́n sì fi orúkọ òfin sílẹ̀ lórí ẹ̀ ní 1950. Gẹ̀ẹ́sì kì í fi ohùn ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ bíi tiwa, torí náà ohùn yẹn kò sọ nǹkan kan. Tiwa ń sọ̀rọ̀. Re mí re dò lè jẹ́ "Ilé Ọkọ̀", ó lè jẹ́ "owó ọkọ̀", ó tún lè jẹ́ "owó ọjà". Torí náà, ẹ kọ́kọ́ lo orin tó ní ọ̀rọ̀ fún oṣù mélòó kan. Tó bá ti mọ́ àwọn èèyàn lára, ẹ wá yọ ọ̀rọ̀ kúrò, kí ẹ fi orin nìkan parí ìpolówó, kí ẹ sì fi sórí fóònù ṣọ́ọ̀bù. Ẹ má ṣe gbé orin náà lé ohùn tó wúwo bíi bééèsì: rédíò kékeré àti fóònù kì í gbé e jáde dáadáa.

Ohùn ẹni tó ń ka ìpolówó náà tún wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ ẹnì kan náà nígbà gbogbo, kó sì máa pe orúkọ yẹn bí orin ṣe ń pè é. Tó bá ń fi ohùn Gẹ̀ẹ́sì pe Yorùbá, "ọkọ̀" máa di "ọkọ" lẹ́nu ẹ̀, tí jíńgù bá tiẹ̀ tọ̀nà.

Kẹ́ ẹ tó gbé e lọ fún àyẹ̀wò àjọ ARCON, tí òfin ní kó rí ìpolówó kó tó jáde, ẹ dán an wò. Ẹ wá èèyàn mẹ́wàá tí kò mọ orúkọ ọjà yín. Ẹ fi rédíò kékeré gbé e fún wọn lẹ́ẹ̀kan péré níbi tí ariwo wà, kí ẹ sì ní kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n gbọ́ sílẹ̀. Ẹ má bi wọ́n bóyá ó dùn. Tí méjì tàbí mẹ́ta bá kọ "ilé ọkọ", ẹ padà sí sitúdíò. Ìparí orin yẹn ṣì ga jù.