Ìsopọ̀ wáyà Modbus lórí RS-485

Ìsopọ̀ wáyà Modbus lórí RS-485 jẹ́ ọ̀nà tí a fi ń so ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́, bíi mítà iná àti ẹ̀rọ tí ń wọn ìgbóná, mọ́ orí wáyà méjì kan náà tí a lọ́ mọ́ ara wọn. Ilé-iṣẹ́ Modicon ni ó gbé Modbus jáde ní ọdún 1979. RS-485, ìlànà nípa iná tí ń gba inú wáyà náà, jáde ní ọdún 1983. Lórí okùn kan, ẹ̀rọ olùbéèrè kan ṣoṣo ni ó ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ tí ó bá pe nọ́mbà rẹ̀ nìkan ni ó ń dáhùn. Láàárín ìbéèrè àti ìdáhùn, okùn náà máa ń dákẹ́, bí ó sì ṣe dákẹ́ ṣe pàtàkì bí ọ̀rọ̀ tí ó gbé.

Wáyà méjèèjì

A ń pe wáyà méjèèjì ní D1 àti D0. Ẹ̀rọ tí ń gbọ́ kì í wo iye fóòtì tí ó wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyàtọ̀ àárín wọn ni ó ń wò. Bí D1 bá fi ju 0.2 fóòtì ga ju D0 lọ, ó kà á sí 1. Bí D0 bá ga ju D1 lọ bẹ́ẹ̀, ó kà á sí 0. Ohun tí ó bá wà láàárín méjèèjì kò ní ìtumọ̀ tí ó dájú. Wáyà kẹta, Common, ni ó ń so ìpìlẹ̀ iná gbogbo ẹ̀rọ náà pọ̀.

Ìyára

Gbogbo ẹ̀rọ orí okùn kan gbọ́dọ̀ ní ìyára kan náà. Ìlànà Modbus fi dandan lé 9600 àti 19200 bíìtì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, 19200 sì ni a ń bá nínú ẹ̀rọ bí a kò bá yí i padà. Báìtì kọ̀ọ̀kan gba bíìtì 11: ọ̀kan láti bẹ̀rẹ̀, 8 fún ọ̀rọ̀, ọ̀kan fún àyẹ̀wò, ọ̀kan láti parí. Èyí ni a ń kọ ní `8E1`. Bí a bá yọ bíìtì àyẹ̀wò, bíìtì ìparí yóò di méjì, `8N2`.

Nínú Modbus RTU, kò sí àmì tí ń parí ọ̀rọ̀ àfi ìdákẹ́jẹ́ tí ó gùn tó báìtì 3.5. Ní 9600, èyí jẹ́ nǹkan bíi mílísẹ́kọ́ńdì 4.

Rẹsítọ̀ òpin okùn

Bí àmì iná bá dé òpin okùn tí kò ní ohun tí yóò gbà á, ó máa ń padà sẹ́yìn bíi gbohùngbohùn. Rẹsítọ̀ 120 óòmù láàárín D1 àti D0 ni a fi ń gbà á, ọ̀kan ní òpin kìn-ín-ní, ọ̀kan ní òpin kejì, kò sì gbọ́dọ̀ sí òmíràn ní àárín. Nítorí náà a ń na okùn láti ẹ̀rọ kan dé èkejì. A kì í pín in bí ẹ̀ka igi láti ojú kan, ẹ̀ka tí ó bá sì pọn dandan kò gbọdọ̀ ju mítà 20 lọ.

Ní 9600, bíìtì kan máa ń pẹ́ tó máíkírósẹ́kọ́ńdì 104, nítorí náà gbohùngbohùn lórí okùn kúkúrú ti kú kí ẹ̀rọ tó ka bíìtì náà. Okùn tí kò ní rẹsítọ̀ lè ṣiṣẹ́ fún ọdún pípẹ́. Ní 115200, bíìtì kò ju máíkírósẹ́kọ́ńdì 8.7 lọ, àṣìṣe náà yóò sì hàn.

Rẹsítọ̀ ìmúdúró

Nígbà tí kò sí ẹ̀rọ tí ń sọ̀rọ̀, rẹsítọ̀ òpin méjèèjì ń fa D1 àti D0 sún mọ́ ara wọn, ìyàtọ̀ àárín wọn yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di òdo. Ariwo iná díẹ̀ lè wá dàbí ìbẹ̀rẹ̀ báìtì. Báìtì èké yìí yóò lẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ tí ó tẹ̀ lé e, nọ́mbà àyẹ̀wò CRC kò ní bára mu, ẹ̀rọ yóò sì da ọ̀rọ̀ náà nù láìdáhùn.

Ìwòsàn rẹ̀ ni rẹsítọ̀ méjì tí a fi sí ojú kan ṣoṣo lórí okùn: ọ̀kan láti D1 sí 5 fóòtì, ọ̀kan láti D0 sí Common. Ìlànà Modbus gba 450 sí 650 óòmù. Àwọn ẹ̀rọ ìgbàlódé kan wà tí ń ka òdo sí 1 fúnra wọn. Ìwọ̀nyí kò nílò rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo okùn tí ó ní ẹ̀rọ 16. Rẹsítọ̀ òpin méjèèjì pọ̀ jẹ́ 60 óòmù. Bí etí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ 12000 óòmù, àpapọ̀ gbogbo rẹ̀ yóò di 55.6. Bí a bá lo rẹsítọ̀ ìmúdúró 560 óòmù:

```
5 × 55.6 / (560 + 560 + 55.6) = 0.236 V
```

Èyí ju 0.2 lọ, okùn náà sì dúró lórí 1. Bí ẹnìkan bá wá tan rẹsítọ̀ òpin inú mítà kan ní àárín okùn, 55.6 yóò di 38, ìyàtọ̀ náà yóò sì já sí 0.164. Okùn náà kò kú. Ó kàn ń pàdánù ìdáhùn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni.

Bí a ṣe ń mọ àṣìṣe

Kí a pa iná gbogbo ẹ̀rọ, kí a yọ rẹsítọ̀ ìmúdúró, kí a sì wọn óòmù láàárín D1 àti D0. Bí ó bá sún mọ́ 60, ó tọ́. Bí ó bá wà láàárín 100 sí 120, rẹsítọ̀ òpin kan kò sí níbẹ̀. Bí kò bá ju 40 lọ, ẹ̀kẹta ti wọlé. Lẹ́yìn náà, kí a dá rẹsítọ̀ ìmúdúró padà, kí a tan iná, kí a dá olùbéèrè dúró, kí a sì wọn fóòtì: D1 gbọ́dọ̀ fi ju 0.2 ga ju D0. Bí iye náà bá tọ́ ṣùgbọ́n tí ẹ̀rọ kan ṣoṣo kò dáhùn rárá, ó ṣeé ṣe kí ìyára rẹ̀ yàtọ̀ tàbí kí D1 àti D0 rẹ̀ ti yí sódì, nítorí pé àwọn olùṣe ẹ̀rọ kì í fi A àti B pe wáyà kan náà.