Dígí ìṣàn iná gẹ́gẹ́ bí ẹrù: ìtàn ìpele tiransísítọ̀ kan, 1965 sí 1967

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, mo fẹ́ tọpa ọ̀rọ̀ méjì tí èdè Faransé àti èdè Gẹ̀ẹ́sì jọ ń lò nínú iṣẹ́ ẹ̀rọ abánáṣiṣẹ́: "dígí ìṣàn iná" àti "ẹrù tó ń ṣiṣẹ́". Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé dígí yìí kò rọrùn láti sọ di ẹrù kí a tó lè kọ́ tiransísítọ̀ púpọ̀ sórí ègé sílíkónì kan ṣoṣo.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ìṣòro náà. Bí fóòtì tó wà lẹ́nu bésì tiransísítọ̀ bá yí padà díẹ̀, ìṣàn iná tó ń gba kolẹ́tọ̀ kọjá á yí padà. Ẹrù ni ohun tí a so mọ́ kolẹ́tọ̀ láti sọ ìyípadà ìṣàn yẹn di ìyípadà fóòtì. Tẹ́lẹ̀, adènà lásán ni wọ́n fi ń ṣe é. Iye ìgbà tí ìpele náà fi sọ àmì di púpọ̀, èyí tí mo pè ní ìlọ́po, jẹ́ fóòtì tó jókòó sórí adènà, tí a pín pẹ̀lú 0.025. Ká ní iná wa jẹ́ fóòtì 10, tí ìṣàn jẹ́ míìlì-ámípíà 1, tí adènà sì jẹ́ kílò-óòmù 5. Fóòtì 5 ló jókòó sórí rẹ̀, ìlọ́po sì jẹ́ 200. Bí a bá fẹ́ ìlọ́po 1,300, fóòtì tó lé ní 32 gbọ́dọ̀ jókòó sórí adènà. Fífi adènà ńlá sí i nìkan kò ràn wá lọ́wọ́, nítorí adènà kì í ya ìṣàn tó dúró sójú kan sọ́tọ̀ kúrò lára ìyípadà ìṣàn: méjèèjì ló ń dènà bákan náà.

Dígí ló ya wọ́n sọ́tọ̀. Tiransísítọ̀ méjì ni. A so bésì wọn pọ̀, a so emítà wọn pọ̀, a sì so kolẹ́tọ̀ àkọ́kọ́ mọ́ bésì tirẹ̀ gan-an. Ìṣàn tí a bá fi adènà kan rán gba inú àkọ́kọ́ ni èkejì ń rán jáde. Ìdá díẹ̀ nínú fóòtì 1 tó fún èkejì láti ṣiṣẹ́, síbẹ̀ ìṣàn rẹ̀ kì í fẹ́ yí padà. Ká fi adènà ńlá wé e: bí tiransísítọ̀ tó ń sọ àmì di púpọ̀ bá dà bí adènà kílò-óòmù 100 lójú ìyípadà, tí dígí sì dà bí kílò-óòmù 50, àpapọ̀ wọn jẹ́ nǹkan bíi kílò-óòmù 33. Ìlọ́po ìpele kan náà, lórí iná fóòtì 10 kan náà, á sún mọ́ 1,330.

Kí ló wá dí i lọ́wọ́? Dígí ń béèrè ìbejì. Bí fóòtì bésì sí emítà tiransísítọ̀ méjì bá fi míìlì-fóòtì 18 péré yàtọ̀ síra, ìṣàn ọ̀kan á di ìlọ́po méjì ti èkejì. Bí ọ̀kan bá fi dígíríì 1 gbóná ju èkejì lọ, ìṣàn á yàtọ̀ ní nǹkan bíi ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn tiransísítọ̀ tí a rà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kì í bára mu tó bẹ́ẹ̀, àfi tí a bá fi adènà sí emítà wọn. Ṣùgbọ́n àwọn tí a kọ́ pọ̀ lórí ègé kan, tí ooru wọn jẹ́ ọ̀kan, jọra gan-an. Robert Widlar ló lo àǹfààní yìí jù lọ.

Ní 1965, nígbà tó wà ní Fairchild, ó ṣe µA709, tó ní ìpele mẹ́ta tó ń sọ àmì di púpọ̀. Kí ó má baà máa kọrin fúnra rẹ̀, ẹni tó ń lò ó ní láti so kapásítọ̀ méjì àti adènà kan mọ́ ọn níta. Ní 1967, ní National Semiconductor, ó ṣe LM101. Nínú ìyẹn, ẹrù tó ń ṣiṣẹ́ rọ́pò adènà, ìpele méjì sì tó. Ìlọ́po µA709 sábà máa ń jẹ́ nǹkan bíi 45,000, ti LM101 jẹ́ 160,000, kapásítọ̀ kan ṣoṣo ló sì ń fẹ́ níta.

Ẹrù yìí ní ààlà méjì. Àkọ́kọ́, bí a bá so adènà kílò-óòmù 10 mọ́ ẹnu àbájáde àpẹẹrẹ wa, ìlọ́po 1,330 á já wálẹ̀ sí nǹkan bíi 300. Nítorí náà, ohun tó bá tẹ̀ lé e kò gbọdọ̀ fa ìṣàn púpọ̀. Èkejì, bí ìṣàn dígí àti ti tiransísítọ̀ bá fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún yàtọ̀, fóòtì àbájáde á sún kúrò ní àárín ní nǹkan bíi 3.3. Bí ìyàtọ̀ náà bá di ìlọ́po méjì, á lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ tàbí òkè. Ẹni tó bá fi mítà wọn ibẹ̀, tó rí i pé kò kúrò nítòsí 0 tàbí 10, ti rí àrùn náà. Ìwòsàn rẹ̀ ni pé ká dá díẹ̀ nínú àbájáde padà sí ẹnu ìwọlé, kí ìpele náà lè máa tún ara rẹ̀ ṣe.

Fún àwa tí a ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún nǹkan wọ̀nyí, mo dá a lábàá pé ká gba "dígí" bó ṣe wà, nítorí pé èkejì ń ṣe ohun tí àkọ́kọ́ bá ṣe. "Ẹrù" ló le díẹ̀. Létí wa, ẹrù ni ohun tí a gbé, tí kò lè ṣe nǹkan kan fúnra rẹ̀. Adènà jẹ́ irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Dígí kì í ṣe é. Ìdí nìyẹn tí "tó ń ṣiṣẹ́" kò fi gbọdọ̀ já bọ́ nínú orúkọ rẹ̀.