Nígbà Tí "Ṣàlàyé" Bá Pọ̀ Jù Nínú Ìwé Ìbéèrè

Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń tẹ ìwé ìbéèrè ìtàn Ìsìláàmù ní àwọn yunifásítì wa. Bí olùkọ́ kan ní Ìkẹ́rẹ́ tàbí Adó bá wá fẹ́ gbé e wá sí Yorùbá, ọ̀rọ̀ tó máa kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu ni "ṣàlàyé." Kò sí ohun tí ọ̀rọ̀ yìí kò lè bèèrè: bí nǹkan ṣe ṣẹlẹ̀, ìdí tó fi ṣẹlẹ̀, èwo nínú àwọn ìdí náà ló wúwo jù. Akẹ́kọ̀ọ́ á ro ìtàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, olùmáàkì á máa wá ìdí kiri nínú rẹ̀, ìjà á sì bẹ̀rẹ̀ lórí máàkì.

Ẹ jẹ́ ká wo ìbéèrè kan tó sún mọ́ ilé: bí Ìlọrin ṣe bọ́ lọ́wọ́ Àfọ̀njá. Ọmọ Ìlawẹ̀ lè ti gbọ́ nílé bí ogun Ìlọrin ṣe da ilẹ̀ Èkìtì láàmú. Ọmọ Ìlọrin tó jókòó tì í nínú gbọ̀ngàn ìdánwò gbọ́ ìtàn mìíràn nílé tirẹ̀. Bí a bá kọ ọ́ pé "Ṣàlàyé bí àwọn Fúlàní ṣe fi ẹ̀tàn gba Ìlọrin," a ti dájọ́ kí ọmọ tó gbé kálàmù. Bí a bá sì kọ "jíhàádì" sínú ìbéèrè, ká tún túmọ̀ rẹ̀ sí "ogun ẹ̀sìn" lásán, ìdájọ́ kejì nìyẹn. Ohun tí ìbéèrè fẹ́ mọ̀ gan-an ni bóyá ẹ̀sìn ló fa ọ̀ràn náà tàbí òṣèlú.

Báyìí ni mo ṣe máa kọ ọ́: "Sọ ìdí mẹ́ta tí agbára fi kúrò lọ́wọ́ Àfọ̀njá ní Ìlọrin. Yan èyí tó wúwo jù, kí o sì gbè é lẹ́sẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rí." "Sọ ìdí," "yan," "gbè lẹ́sẹ̀": ọ̀rọ̀ ìṣe kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tirẹ̀, ó sì ní máàkì tirẹ̀.

Ìwé tí wọ́n ń pè ní "máàkìn gáìdì" ni mo ń pè ní òṣùwọ̀n ìmáàkì. Nínú máàkì 20, ìdí mẹ́ta gba 9, mẹ́ta fún ọ̀kọ̀ọ̀kan: 1 fún dídárúkọ rẹ̀, 2 fún fífi hàn bó ṣe ṣiṣẹ́. Ẹni tó kọ "àwọn jàmáà" gba 1. Ẹni tó fi kún un pé àwọn ẹrú Haúsá tó sá wá bá Àfọ̀njá di ọmọ ogun tí apá rẹ̀ kò ká mọ́, ó gba 3. Ìdí mìíràn wà tó lè dúró: bí Àfọ̀njá ṣe ṣọ̀tẹ̀ sí Aláàfin, tí kò fi rí ìrànlọ́wọ́ Ọ̀yọ́, bí Ṣólágbérú àti àwọn Mùsùlùmí Yorùbá ní Òkè Súnà kò ṣe gbè é, bí Abdulsalam, ọmọ Àlímì, ṣe rí ẹ̀yìn ní Gwandu. Yíyan èyí tó wúwo jù gba 7, kò sì sí ìdáhùn kan pàtó tó tọ́. Ẹni tó ní ẹ̀sìn ni, ẹni tó ní òṣèlú ni, àwọn méjèèjì lè gba 7 bí ẹ̀rí bá tẹ̀ lé e. Ìgbàgbọ́ ọmọ kò ní máàkì kankan.

Mẹ́rin tó kù jẹ́ ti "gbè lẹ́sẹ̀," ìyẹn orísun ìtàn tí ẹ̀rí ti wá. Pásítọ̀ ni Samuel Johnson, ojú Ọ̀yọ́ ló sì fi wo ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1921. Ahmad ọmọ Abu Bakr, tí wọ́n ń pè ní Ọmọ Kòkòró, fi Lárúbáwá kọ ìtàn Ìlọrin ní 1912, láti inú Ìlọrin. Ẹni tó bá sọ ibi tí òǹkọ̀wé dúró sí ló ni mẹ́rin yìí. Ẹni tó kàn dárúkọ ìwé, 1 ni.

Ibi tí òṣùwọ̀n sábà máa ń já ni ọdún. Àwọn ìwé kò fẹnu kò lórí ọdún tí wọ́n pa Àfọ̀njá: àwọn kan ní 1823, àwọn kan ní 1824, àwọn mìíràn tiẹ̀ sún un síwájú sí i. Bí òṣùwọ̀n bá kọ 1824 nìkan, ọmọ tó ka ìwé mìíràn á jìyà fún kíkàwé. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọdún tó bá bá ìwé kan nínú àwọn tí wọ́n kà ní kíláàsì mu, wọ́n á gbà á. Bí ọmọ bá ṣi ọdún kọ, a kò gbọdọ̀ tún fi ìyà rẹ̀ jẹ ẹ́ nígbà tí ọdún kan náà bá tún fara hàn nísàlẹ̀.

Kí ìmáàkì tó bẹ̀rẹ̀, kí olùkọ́ méjì máàkì ìwé ìdáhùn díẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nọ́ńbà ìdánwò nìkan lójú ìwé, láìsí orúkọ. Bí ìyàtọ̀ bá ju 3 lọ lórí ìwé kan, kí wọ́n má tíì pín in sí méjì. Kí wọ́n padà ka ìbéèrè. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n máa bá a pé "ṣàlàyé" kan ṣì fara pamọ́ síbì kan nínú rẹ̀.